Ta Ni Ará Ìgboro, Ta Ni Ará Oko? Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò àti Àrámọ̀kọ Lórí Òṣùwọ̀n Àgbáyé

Ìfojúdá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé ìgboro. Ìkànìyàn tí orílẹ̀-èdè Índíà ṣe ní ọdún 2011 sì sọ pé nǹkan bí ènìyàn 31 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé ìgboro níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ iye méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀kan náà yóò rò pé Nàìjíríà ti fi Índíà sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, pé àwa ti fi oko sílẹ̀, àwọn sì ṣì wà nínú abúlé. Èrò yìí lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́. Iye méjèèjì náà fúnra wọn kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa, nítorí pé òṣùwọ̀n kan náà kọ́ ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá ti ra gààrì ní ọjà méjì mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè tóbi ju ti òmíràn lọ. Kí a tó sọ pé ọjà kan wọ́n, a ní láti kọ́kọ́ wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Èkìtì yẹ kóńgò àwọn orílẹ̀-èdè wò: Ẹ̀fọ̀n Aláayè láàárín òkè rẹ̀, Ìjerò tí í ṣe ìlú Ajerò, Àrámọ̀kọ tí í ṣe ìlú Alárá, àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ìdí tí a fi yàn wọ́n ni pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló máa ń da àwọn oníṣirò láàmú jù lọ. Wọ́n tóbi, wọ́n ti pẹ́ láyé, ilé wọn sún mọ́ ara wọn, wọ́n ní ọba àti ọjà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé inú wọn jẹ́ àgbẹ̀ láti ìrandíran.

Kí ni ìlú lójú àwa tí a ni ín?

Yorùbá kò fi iye ènìyàn sọ ibi tó jẹ́ ìlú. Ibi tó ní ọba, ìjòyè, ojúbọ, ọjà àti àdúgbò tó ní olórí ni à ń pè ní ìlú. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ oko, tí ó kọ́ ahéré sí, tí ó sì lè sùn sí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ni à ń pè ní aba. Ẹni tó ń gbé aba kì í ṣe ará ibòmíràn. Ọmọ ìlú tó rán an wá ni í ṣe. Ìlú ni ilé bàbá rẹ̀ wà, ìlú ni yóò ti ṣe ọdún, ibẹ̀ ni a ó sì sin ín sí bí ó bá kú. Nítorí náà, ìlú àti aba kì í ṣe ohun méjì tó dojú kọ ara wọn bí àwọn ìwé òyìnbó ṣe máa ń to ìgboro àti ìgbèríko. Agbo ilé kan náà ló wà níbi méjèèjì, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn.

Ìtàn ló fà á. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn balẹ̀, ẹni tó bá dá gbé oko ló ń fi ara rẹ̀ fún àwọn amúnilẹ́rú. Àwọn ènìyàn kó ara wọn jọ sínú ìlú, lẹ́yìn odi tàbí láàárín òkè, wọ́n ń jáde lọ sí oko ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Agbègbè yìí gan-an ni ogun Kírìjì ti jà láti ọdún 1877. Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, ló wà ní iwájú nínú rẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní ọdún 1886, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn jagunjagun kò tú ká tán títí di ọdún 1893. Nígbà tí àlàáfíà dé, tí kòkó sì wá di ohun ọ̀gbìn tó ń mówó wọlé, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí ilé wọnú igbó, aba sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìlú kò tú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan náà wá ní ibùsùn méjì.

Ọmọwé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tó ti ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1937, gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn onímọ̀ ní ọdún 1955. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ àti àjọgbé àwọn àjèjì ló ń sọ ibì kan di ìgboro. Bascom fèsì pé Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá kí ilé-ẹ̀rọ kankan tó dé, àti pé àgbẹ̀ tó ń ti ìlú lọ sí oko kò fi bẹ́ẹ̀ di ará abúlé. Ó mú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò fún orílẹ̀-èdè ńláńlá, èyí tó ń wo iye ènìyàn tó wà nínú àwọn ìlú oríṣiríṣi ìtóbi, ó sì fi wọn ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú iye tí ìkànìyàn ọdún 1952 mú wá. Yorùbá bọ́ sí àárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n síwájú Faransé àti Swídìn. Ìyẹn ni ohun tí òǹkà sọ nígbà tí a kò bá béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá béèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn, èsì náà yóò yí padà pátápátá.

Ìlú kan lórí òṣùwọ̀n oríṣiríṣi

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Àròsọ ni iye tí a ó lò yìí, kì í ṣe ti ìlú kan pàtó, ṣùgbọ́n irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ká ní ènìyàn 18,000 ló ń sùn nínú ìlú náà, tí 6,000 mìíràn sì wà ní àwọn aba rẹ̀. Nínú ọkùnrin mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú, méjì jẹ́ àgbẹ̀.

Bí ìlú yìí bá wà ní Dẹ́ńmáàkì, kò sí àríyànjiyàn rárá. Níbẹ̀, ibi tí ènìyàn 200 bá ń gbé, tí ilé kan kò sì jìnnà sí èkejì ju mítà 200 lọ, ti di ìgboro. Kódà, aba ńlá kan lè wọlé. Bí ó bá wà ní Gánà, ìgboro náà ni, nítorí pé 5,000 ni iye tí wọ́n ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, 2,500 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé e sí 5,000 tàbí ilé 2,000 lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020. Ìlú wa yóò wọlé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá gbé ìlú kan náà dé Índíà, ọ̀ràn yí padà. Bí ìjọba ibẹ̀ kò bá ti fi òfin sọ ibì kan di ìlú, ohun mẹ́ta ni àwọn aláṣẹ ìkànìyàn máa ń wò: kí ènìyàn ibẹ̀ tó 5,000, kí ènìyàn tó wà lórí kìlómítà kan níbùú lóòró tó 400, kí ọkùnrin mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ sì wà nídìí iṣẹ́ tí kì í ṣe àgbẹ̀. Ìlú wa kò lè gba ẹnu ọ̀nà kẹta kọjá, nítorí ọ̀kan péré nínú ọkùnrin mẹ́ta ni kì í ṣe àgbẹ̀. Ènìyàn 18,000 tí gbogbo wọn jẹ́ ará ìgboro ní Gánà á wá di ará ìgbèríko ní Índíà, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò nínú yàrá rẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́? Ní ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953, ènìyàn 5,000 ló tó láti pe ibì kan ní ìgboro. Nígbà tí ó di ọdún 1963, wọ́n gbé iye náà sókè sí 20,000, òun náà ni wọ́n sì lò ní ọdún 1991. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlú àpẹẹrẹ wa ì bá jẹ́ ìgboro ní ọdún 1952, kì bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1963 bí iye rẹ̀ kò bá yí padà. Ohun mìíràn tún wà. Nínú ìwé ọdọọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń kó iye ènìyàn jọ sí, ìtumọ̀ ìgboro tí wọ́n kọ sí abẹ́ orúkọ Nàìjíríà ní àfikún kan: pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé gbólóhùn yẹn ní ọdún 1963, púpọ̀ nínú àwọn ìlú Èkìtì ni kì bá wọ ìwé. Iye orí nìkan ni àwọn oníṣirò wò, ìyẹn ló sì gbà wọ́n là.

Ohun tí ìlà 20,000 lè ṣe hàn kedere bí a bá wo agbègbè kan dípò ìlú kan. Ká ní agbègbè kan ní ìlú mẹ́ta: ọ̀kan ní ènìyàn 18,000, èkejì 15,000, ẹ̀kẹta 12,000, àwọn aba wọn sì ní 15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60,000. Bí a bá fi 5,000 ṣe ìlà, ènìyàn 45,000 jẹ́ ará ìgboro, ìyẹn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi 20,000 ṣe é, kò sí ará ìgboro kan ṣoṣo. Wàyí o, ká ní ọmọ bíbí nìkan sọ ìlú àkọ́kọ́ di 20,500, tí àpapọ̀ agbègbè náà sì di 62,500. Lójijì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan agbègbè náà ti di ìgboro. Ìwé ìròyìn lè kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ń sá kúrò ní oko. Kò sí ẹni tó sá. Ìlú kan ló ré ìlà kọjá, ó sì kó gbogbo àgbẹ̀ inú rẹ̀ dání.

Èyí wúlò fún ẹni tó bá ń ka iye àtijọ́ Nàìjíríà. Ìpín ará ìgboro tí àwọn ìwé máa ń kọ jẹ́ nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1952, bíi 19 ní ọdún 1963, àti bíi 36 ní ọdún 1991. Ìlà 20,000 ni wọ́n fi tún iye ọdún 1952 ṣe kí ó lè bá ti ẹ̀yìn mu. Ẹni tó bá fi 5,000 ìgbà náà kà á yóò rí iye tó ga ju 10 lọ dáadáa. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn kan ṣí lọ sí Èkó àti Ìbàdàn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó sí ilé wọn tí ìlú wọn fi kún débi tí ìlà fi kọjá lábẹ́ wọn. Iye náà kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ibi tí ìlú parí sí

Ìṣòro kejì ni ti ààlà. Òǹkà tó bá sọ pé ìlú kan ní ènìyàn báyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí ìlú náà parí sí. Ní ọdún 2006, nígbà tí Nàìjíríà ka ènìyàn kẹ́yìn, iye tí ìjọba gbé jáde fún gbogbo ènìyàn kò kọjá ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò tẹ iye ìlú kọ̀ọ̀kan jáde, wọn kò sì ya ìgboro sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbèríko. Ìdí nìyẹn tí ìpín ará ìgboro tí à ń gbọ́ láti ìgbà náà fi jẹ́ ìfojúdá, kì í ṣe kíkà.

Ẹ wo ohun tí èyí fà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, tí olú rẹ̀ wà ní Àrámọ̀kọ, ní nǹkan bí ènìyàn 180,000. Ẹni tí kò mọ agbègbè náà lè kọ ọ́ pé Àrámọ̀kọ jẹ́ ìlú tí ènìyàn 180,000 ń gbé, ọ̀pọ̀ sì ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkèmẹ̀sí wà nínú iye yẹn, Ìkògòsì wà níbẹ̀, Èríjìyàn náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú aba gbogbo wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, tó ní nǹkan bí 221,000, kó Ìpótì, Ìkòrò, Odò-Ọwà àti àwọn ìlú mìíràn pọ̀ mọ́ Ìjerò fúnra rẹ̀. Ti Ẹ̀fọ̀n yàtọ̀. Nǹkan bí 87,000 ni iye rẹ̀, ìlú kan ṣoṣo ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ẹ̀fọ̀n ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ àti orúkọ ìlú ti sún mọ́ ara wọn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá pín iye wọ̀nyí sórí ilẹ̀ wọn, bí ẹni tó ń wá ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ènìyàn yóò ṣe ṣe é. Ìjerò ní nǹkan bí kìlómítà 391 níbùú lóòró, èyí tó fi jẹ́ pé ènìyàn bíi 566 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní bíi 366, ó sì jẹ́ ènìyàn bíi 492 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀fọ̀n ní bíi 232, ó sì jẹ́ 375 péré. Ẹ̀fọ̀n, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ara wọn jọ sójú kan jù lọ, ló wá dà bí èyí tó fọ́n ká jù lọ nínú wọn. Lórí 400 tí Índíà ń béèrè, òun nìkan ni yóò ṣubú.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Òkè àti igbó ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, kò sì sí ẹni tó ń gbé orí wọn. Ìṣirò náà mú òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ó pín àwọn ará ìlú sórí rẹ̀, ó sì sọ pé wọ́n fọ́n ká. Bí a bá fa ààlà yí ibi tí ilé wà nìkan ká, ìfúnpọ̀ náà yóò ga ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àmì tí a fi lè mọ̀ pé irú àṣìṣe yìí wà nínú òǹkà kan ni pé kí a béèrè ohun tí wọ́n fi pín iye ènìyàn: ṣé ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ ni, àbí gbogbo ilẹ̀ tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ bò?

Ibi tí wọ́n ti ka ẹni

Ìṣòro kẹta ni ti ibùsùn méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Òfin ìkànìyàn wa ni pé kí a ka ènìyàn sí ibi tí a bá a. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ Ìjerò tó bá wà ní aba ní ọjọ́ ìkànìyàn jẹ́ ará aba, bí ó bá sì wà nílé, ará ìlú ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í jókòó kí ìkànìyàn wá bá wọn. Wọ́n mọ̀ pé orí ènìyàn ni a fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ àti owó ìjọba, nítorí náà wọ́n máa ń padà sí ìlú wọn kí a lè kà wọ́n mọ́ ọn.

Kí a wo Adó-Èkìtì. Ìkànìyàn ọdún 1952 ka ènìyàn tí kò tó 25,000 níbẹ̀. Ní ọdún 1963, iye náà ti lé ní 157,000. Ìlọ́po mẹ́fà lé díẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún mọ́kànlá. Kí ìlú tó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní láti di ìlọ́po méjì ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọ bíbí kò lè ṣe é, ilé-ẹ̀rọ tàbí èbúté ńlá kan kò sì wà ní Adó nígbà náà tó lè fa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ wá. Ìkẹ́rẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ìgbà kan náà, láti bíi 35,600 sí bíi 107,200. Ìkànìyàn ọdún 1962 ti dá ìjà sílẹ̀ débi tí wọ́n fi fagi lé e, ti ọdún 1963 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn títí dòní. Nínú iye tó pọ̀ lójijì yẹn, a rí àpapọ̀ ohun mẹ́ta: ìdàgbàsókè gidi, àwọn ọmọ ìlú tó wá láti aba àti ìdálẹ̀ láti di kíkà nílé, àti àsọdùn. Kò sí òǹkà tó lè tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́.

Èyí kan ìpín ará ìgboro tààrà. Àgbẹ̀ tó bá ti aba wá sílé fún ọjọ́ mẹ́ta kí a lè kà á ti dín kan kù nínú ará ìgbèríko, ó sì ti fi kan kún ará ìgboro. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ṣe bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè á dà bí èyí tó ti kúrò lóko, nígbà tó jẹ́ pé oko kan náà ni wọ́n padà sí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìgboro tí gómìnà kéde

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òǹkà lásán ni gbogbo èyí, kí ó wo Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978. Òfin yẹn pín ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ àkóso gómìnà, ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ka ènìyàn ló ń pinnu èyí tó jẹ́ ìgboro. Gómìnà ni yóò fi àṣẹ tí a tẹ̀ sínú ìwé ìkéde ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé agbègbè báyìí ti di ìgboro. Íjíbítì náà ń lo irú ọ̀nà yìí fún ìkànìyàn rẹ̀: ibi tí ìjọba bá pè ní ìlú ni ìlú, abúlé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ń gbé sì lè wà ní abúlé títí.

Ohun tó wà lórí ìlà yìí kò kéré. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko tó tó hẹ́kítà 500 níbi tí kì í ṣe ìgboro. Ní ìgboro, òfin náà kò gba ẹni tó ní ilẹ̀ òfìfo kí òfin tó dé láàyè láti di ohun tó ju ìdajì hẹ́kítà kan mú. Bákan náà, ìwé ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ń kọ́lé gbọ́dọ̀ gbà, ọ́fíìsì tí yóò lọ, àti ẹni tí yóò buwọ́ lù ú, yàtọ̀ síra ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà náà. Ẹbí kan lè wà ní ẹ̀yìn Àrámọ̀kọ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbèríko lójú oníṣirò, tó sì jẹ́ ìgboro lójú òfin ilẹ̀. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, nítorí pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn.

Òṣùwọ̀n tuntun

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìgbìmọ̀ oníṣirò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ọ̀nà kan tí wọ́n lérò pé yóò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè lè ka ara wọn wé ara wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ ayé sí ojú-àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti kìlómítà kan lóòró. Níbi tí ojú-àpótí tó so mọ́ra bá ti ní ó kéré tán ènìyàn 1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn sì tó 50,000, ìlú ńlá ni. Níbi tí ó bá jẹ́ 300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn tó 5,000, ìlú kékeré ni. Ohun tó kù jẹ́ ìgbèríko. Kò béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ka ààlà ìjọba ìbílẹ̀ sí. Òkè Ẹ̀fọ̀n kò tún lè fa àwọn ará ìlú sẹ́yìn mọ́, nítorí ojú-àpótí tí kò sí ilé lórí rẹ̀ yóò dúró gẹ́gẹ́ bí òfìfo.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà gbọ́dọ̀ mọ iye ènìyàn tó wà nínú ojú-àpótí kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò ti sí òǹkà ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú iye ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á wá pín in sórí àwọn ilé tí sátẹ́láìtì rí láti òkè. Ní Èkìtì, ìpín bẹ́ẹ̀ lè ṣìnà ní ọ̀nà méjì. Ahéré tó wà lábẹ́ igi kòkó lè pamọ́ fún ojú tó ń wo ilẹ̀ láti òkè. Ilé ńlá tí ọmọ ìlú kọ́, tí ó ń gbé Èkó, tó sì jẹ́ pé ọdún Kérésì nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò hàn kedere, wọn yóò sì fi ènìyàn sínú rẹ̀. Bí a kò bá ṣọ́ra, àṣìṣe méjèèjì á fa ènìyàn kúrò ní aba lọ sí ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìrìnàjò ọjọ́ ìkànìyàn ti ṣe é tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé ìdá báyìí nínú orílẹ̀-èdè kan ń gbé ìgboro ní ohun mẹ́ta láti béèrè kí ó tó fi wé ti òmíràn. Iye ènìyàn mélòó ni wọ́n fi ṣe ìlà, ṣé wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un? Níbo ni wọ́n fa ààlà ìlú sí? Ọdún wo ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn, ṣé kíkà ni àbí ìfojúdá? Ní ti Nàìjíríà àti Índíà tí a fi bẹ̀rẹ̀, iye ti Índíà wá láti inú kíkà, lórí òfin tó lé àgbẹ̀ síta. Ìfojúdá ni tiwa, lórí òfin tó gba àgbẹ̀ wọlé. Bí a bá fi òfin Índíà ka ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìpín ará ìgboro ibẹ̀ yóò wálẹ̀ gidigidi. Bí a bá sì fi òfin Gánà ka Índíà, tiwọn yóò ròkè, nítorí pé abúlé tí ènìyàn ibẹ̀ ju 5,000 lọ pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá tó òṣùwọ̀n méjèèjì dọ́gba nìkan ni a lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ kankan ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ní ti àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, yóò máa ti ìlú rẹ̀ jáde lọ sí oko ní òwúrọ̀, òǹkà yòówù tí wọ́n bá kọ ọ́ sí.